Ọjọ́ kan, ilé kan, ṣọ́ọ̀bù kan, ọmọ ọdún 7: bí a ṣe ń to àkókò fíìmù kékeré

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ fíìmù kékeré kan, ojú ìwé 6, síìnì 7. Ọmọbìnrin ọlọ́dún 7 ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ilé ìyá àgbà mi ní Bódìjà la ti fẹ́ ya apá kan, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá la ti fẹ́ ya ìyókù. Síìnì mẹ́ta jẹ́ alẹ́. Owó kámẹ́rà tí mo ní ò ju ti ọjọ́ kan lọ, ọjọ́ Sunday la sì mú. Mo ti fi ìwé eré náà ránṣẹ́ sí yín. Báwo ni mo ṣe máa to ọjọ́ yẹn tí gbogbo ẹ̀ á fi wọlé? Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ó máa wọlé, àmọ́ kì í ṣe bí o ṣe tò ó sínú ìwé yẹn. Síìnì lo fi bẹ̀rẹ̀ ètò tìrẹ, láti orí ìkíní dé orí ìkeje. Wákàtí ọmọ yẹn ni kó o kọ́kọ́ fi lélẹ̀, kó o tó wá ibi tí síìnì kọ̀ọ̀kan á jókòó sí nínú ẹ̀. Àgbàlagbà lè fara dà á títí di alẹ́. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á fi omi bọ́jú, á sì padà síwájú kámẹ́rà. Ọmọ ọdún 7 ò rí bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti sú u, ó sú u nìyẹn, kò sí bisikíìtì tàbí ìlérí tó lè dá a padà lọ́jọ́ yẹn.

Òṣùwọ̀n tí mo máa ń lò ni ti òfin tí wọ́n ṣe ní England lọ́dún 2014 lórí àwọn ọmọdé tó ń ṣeré. Ó ní ọmọ ọdún 5 sí 8 ò gbọ́dọ̀ lò ju wákàtí 8 lọ níbi iṣẹ́, àti pé nínú wákàtí 8 yẹn, 3 péré ló lè fi ṣeré tàbí fi ṣe ìdánrawò. Òfin ibẹ̀ ò dè ọ́ n'Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó bá ìṣesí ọmọ mu. Kíyè sí i pé wákàtí 8 yẹn bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ bá ti wọ ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe ìgbà tí kámẹ́rà bá bẹ̀rẹ̀. Aṣọ wíwọ̀, oúnjẹ, ìsinmi, ìrìn àjò láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ẹ̀ ni kó o kà mọ́ ọn.

Ní báyìí, jẹ́ ká wo ìwé eré rẹ. Síìnì 1 ni ọmọ àti ìyá àgbà ní pálọ̀ láàárọ̀, tí wọ́n rí i pé bùbá ìyá àgbà ti ya. Síìnì 2, ọmọ nìkan ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń yọ bùbá náà lórí okùn. Síìnì 3, ó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù. Síìnì 4, òun àti télọ̀ ń dúnàá dúrà nínú ṣọ́ọ̀bù, èyí tó gùn jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ojú ìwé 2. Síìnì 5, télọ̀ nìkan ń ránṣọ lálẹ́. Síìnì 6, ìyá àgbà nìkan ní pálọ̀, ó ń retí ọmọ. Síìnì 7, ọmọ padà wọlé lálẹ́ pẹ̀lú bùbá, ẹkún sì bọ́. Tí a bá ro ó pọ̀, ọmọ yìí wà nínú ojú ìwé 5 lé díẹ̀ nínú 6. Ìyẹn ni ìṣòro ọjọ́ náà, kì í ṣe lokéṣàn méjì.

Ojú ìwé nìkan ò tó láti fi wọn àkókò. Ohun tó ń jẹ àkókò ni iye ìgbà tí ẹ máa gbé kámẹ́rà kúrò níbì kan lọ síbòmíràn, tí iná náà á sì tẹ̀ lé e. Ìdúró kámẹ́rà ni màá máa pè é. Fún ẹ̀yin mẹ́fà tàbí méje tí ẹ ò ní iná tó pọ̀, fi ìṣẹ́jú 25 sí ìdúró kọ̀ọ̀kan: ìṣẹ́jú 13 láti gbé kámẹ́rà àti iná síbi tó yẹ, ìṣẹ́jú 12 fún eré fúnra ẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ tìrẹ, ìdúró 19 ni mo kà, ọmọ sì wà nínú 15. Ìṣẹ́jú 12 lọ́nà 15 jẹ́ wákàtí 3 géérégé. Kò ku ìṣẹ́jú kan tó lè fi ṣe àṣìṣe, tó lè fi tún un ṣe, tàbí tó lè fi bínú. Tí a bá sì ro gbogbo 19 pọ̀ mọ́ ìtòlẹ́sẹẹsẹ iná láàárọ̀, oúnjẹ àti ìṣíkiri, ó lé ní wákàtí 11. Ètò tó rí báyìí máa ń dáa lórí pépà títí di aago 10 àárọ̀.

Torí náà, o máa gé e. Síìnì 3, o ní ọmọ ń bọ̀ láti ojú títì, o tún ní ó kan ilẹ̀kùn, mú ọ̀kan. Nínú síìnì 4, kámẹ́rà tó ń yí wọn po yẹn ò sọ ohunkóhun tí àwọn yòókù ò sọ, yọ ọ́. Nínú síìnì 7, yọ èyí tí wọ́n ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Síìnì 5, mẹ́ta lo kọ, méjì tó. Ó ku 15.

Lẹ́yìn náà lo wá máa ṣe ohun tó máa gbà ọ́ là jù: ibi tó bá jẹ́ ojú àgbàlagbà nìkan la fẹ́ rí, ọmọ ò ní láti wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà bẹ́ẹ̀ nínú síìnì 1, ọ̀kan nínú 4, ọ̀kan nínú 7. Gbé àpótí ìjókòó síbi tí ọmọ ti dúró, lẹ ìrépé téèpù pupa mọ́ igi kan tó ga tó ojú ọmọ gan-an, kí ẹlòmíràn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó máa ka ọ̀rọ̀ ọmọ. Téèpù yẹn ni ìyá àgbà máa máa wò. Tí ẹ bá gbàgbé ẹ̀, tí ìyá àgbà wá ń wo ojú àgbàlagbà tó ń kàwé, ojú ẹ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó bá ń wo fíìmù á sì mọ̀ pé kò sí ọmọ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìdúró ọmọ ṣe di 9. 12 lọ́nà 9 ò tó wákàtí 2. Wákàtí kan tó ṣẹ́ kù ni wàá fi tún eré ṣe nígbà tí kò bá dáa.

Ìṣẹ́jú 13 tí ẹ fi ń to iná kì í ṣe ti ọmọ yìí o. Wá ọmọ mìíràn tí gíga àti àwọ̀ ara wọn jọra, tàbí àgbàlagbà kúkurú tó lè kúnlẹ̀, kó dúró síbi tí ọmọ máa dúró nígbà tí ẹ bá ń tan iná. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ló máa ń pe ọmọ òṣèré gan-an wá dúró sábẹ́ iná, tí wọ́n á ní “dúró díẹ̀ si, àbúrò.” Nígbà tí kámẹ́rà bá wá ṣetán, ọmọ ti parí.

Ilé ni ẹ máa kọ́kọ́ yà, ìdí ẹ̀ sì ni síìnì 5. Òun nìkan ló nílò alẹ́ tòótọ́, torí pé ṣọ́ọ̀bù náà ṣí sí ojú títì, ọmọ ò sì sí nínú ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Síìnì alẹ́ méjèèjì nínú ilé, ọ̀sán lẹ máa yà wọ́n: ẹ fi aṣọ dúdú tó nípọn bo fèrèsé láti òde, ní alẹ́ Saturday, kí ẹ sì tan iná tó pọ́n díẹ̀ bíi gílóòbù. Wo ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà dáadáa láàárọ̀. Bí ìlà ìmọ́lẹ̀ funfun bá ń yọ níbì kan, kámẹ́rà á rí i kó o tó rí i.

Kí àwọn tó ń to iná dé ní 6:30, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní 6:45. Ní 7:35, ẹ ya síìnì 6, ìyá àgbà nìkan, ìdúró kan. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì dúró de ọmọ, àwọn òṣìṣẹ́ náà sì ti rí bí ọwọ́ wọn ṣe ń yá. Ọmọ dé ní 7:45, kì í ṣe 6:30 pẹ̀lú gbogbo ayé. Kí wọ́n ti di irun ẹ̀ lọ́jọ́ Friday, kí irun náà má sì jẹ́ èyí tí ó máa tú lọ́jọ́ kejì.

Ní 8:30, ẹ gbé kámẹ́rà jáde sí ẹ̀yìnkùlé fún síìnì 2. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, ọmọ kàn ń yọ aṣọ lórí okùn ni. Ohun tó dáa jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ọmọ nìyẹn: ó ń ṣe nǹkan tó mọ̀ ọ́n ṣe, ojú ẹ̀ sì ń mọ́ kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ náà ò tíì le. Tó bá fi máa di aago 11, oòrùn á ti gun òkè, ihò ojú ọmọ á dúdú, iwájú orí ẹ̀ á máa dán. Nígbà tí ẹ bá wà níta, ẹni tó ń to iná ti wà ní pálọ̀, ó ń palẹ̀ síìnì 7 mọ́. Bí ẹ ṣe máa ń jèrè ìṣẹ́jú nìyẹn, nípa pé ibì kan ń múra sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń yà níbòmíràn.

9:30 ni síìnì 7. Mo mọ̀ pé wàá fẹ́ fi ẹkún kẹ́yìn bó ṣe wà nínú ìtàn, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 7 tó ti jẹun ọ̀sán á fẹ́ sùn, kò ní lè sunkún fún ẹnikẹ́ni. Láàárín 9:30 sí 10:20 ló dáa jù: ó ti jẹun àárọ̀, ara ẹ̀ ti yá, kò tíì rẹ̀ ẹ́. Ìdúró kìíní, kámẹ́rà jìnnà, ọmọ wọlé, ó gbé bùbá fún ìyá àgbà. Ìdúró kejì, ojú ọmọ. Tan kámẹ́rà láti ìgbà ìdánrawò, má pariwo pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ ni ọmọ sábà máa ń ṣe é bíi tẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń wò ó. Ìgbà mẹ́ta, ó pọ̀ jù mẹ́rin, kẹ́ ẹ dá a dúró. Wàá mọ̀ ìgbà tó ti tán: á máa sọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń ka tábìlì ìsirò, tàbí kó máa yọjú wo ìyá ẹ̀ lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bóyá ó ṣe é dáadáa.

Ẹkún náà ńkọ́? Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já a láyà, má jẹ́ kí wọ́n fún un léèékánná, má sì parọ́ fún un pé ìyá ẹ̀ ti lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ojú náà bọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ò jẹ́ kí dáírẹ́kítọ̀ sún mọ́ òun mọ́ títí ọjọ́ fi parí, síìnì mẹ́rin ló sì ṣì kù. Jẹ́ kó tẹ orí ba, kó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó fi bùbá nu imú. Fi omi kán an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tó bá gbà. Ìyókù, ojú ìyá àgbà ló máa sọ ọ́, ìyẹn sì ni ìdúró kẹta, èyí tí ọmọ ò sí nínú ẹ̀. Nígbà yẹn ó ti wà ní yàrá pẹ̀lú ìyá ẹ̀ láti 10:20, ó ń mu omi, ó ń ṣeré tiẹ̀.

Ní 10:45, ẹ tú aṣọ dúdú kúrò, pálọ̀ di àárọ̀. Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé ní tààrà, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé rọ̀, kò sì ní yí padà púpọ̀ láàárín wákàtí kan. Síìnì 1 bẹ̀rẹ̀ ní 11:05. Ẹ kọ́kọ́ ya ìdúró méjì tí ọmọ wà, kó lè jẹun ní 11:55, ẹ wá parí ojú ìyá àgbà. Àwọn òṣìṣẹ́ jẹun láti 12:20 sí aago 1. Kí ẹnì kan da gbogbo ohun tí ẹ ti yà sórí háádì méjì nígbà tí àwọn yòókù bá ń jẹun, kí káàdì kankan má bọ́ sínú ọkọ̀ kó tó wà níbi méjì.

Ṣé o ti ríi pé ẹ ti ya síìnì 7 kí ẹ tó ya síìnì 1? Nínú 7, wọ́n ti rán bùbá náà tán. Nínú 1, ó ṣì ya. Nínú 5, télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rán an. Bùbá kan ò lè ṣe é. Ra aṣọ kan náà kó tó ti mẹ́ta, láti ara ìdì kan náà: ọ̀kan tó ya, ọ̀kan tí wọ́n ti rán, ọ̀kan tó ya tí télọ̀ á máa rán níwájú kámẹ́rà. Kí yíya náà wà níbi kan náà, kó sì gùn bákan náà. Fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ya fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí tábìlì kan, kó wà lórí fóònù ẹni tó ń mójú tó aṣọ.

Ìṣíkiri láti Bódìjà sí Mọ́kọ́lá, wákàtí kan ààbọ̀ ni kó o fi sí i, aago 1 sí 2:30. Ọ̀nà náà ò jìnnà, kò sì ní sí sún kẹẹrẹ bíi ti ọjọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà kọ́ ló ń jẹ àkókò. Wáyà kíká, iná títú, ẹrù gbígbé sínú ọkọ̀, ẹrù sísọ̀, wíwá ibi tí wọ́n á gbé jẹnẹrétọ̀ sí, ìyẹn ló ń jẹ ẹ́. Má kó ọmọ mọ́ ẹrù. Kó sinmi ní Bódìjà, kó sùn tó bá fẹ́, kí ìyá ẹ̀ gbé e wá kó lè dé ní 2:20.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi síìnì 3 bẹ̀rẹ̀ ní 2:30, lábẹ́ òjìji ìbòrí iwájú ṣọ́ọ̀bù kí oòrùn má bàa bà á jẹ́, bí iná inú ilé ṣe ń tò lọ. 2:55 ni síìnì 4, ìdúró méjì tí ọmọ wà ló ṣáájú. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà má fún ọmọ ní ìwé pé kó há a sórí. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ìyá ẹ̀ àti òṣèré tó ń ṣe télọ̀ máa bá a ṣe é lẹ́nu bí eré, tó bá sì yí ọ̀rọ̀ padà sí bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. 3:45, ọmọ ń lọ sílé. Wákàtí 8 rẹ́gí nìyẹn láti 7:45.

Lẹ́yìn ìyẹn, ojú télọ̀ fún síìnì 4, títí di 4:10. Ẹ ya ọwọ́ àti abẹ́rẹ́ fún síìnì 5 láti 4:30, torí kò fi ìta hàn. Ẹ gba ohùn ṣọ́ọ̀bù fún ìṣẹ́jú kan láìsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ẹ tó sinmi. Ìdúró tó gbẹ̀yìn, télọ̀ nídìí máṣíìnì, ẹnu ọ̀nà ṣí lẹ́yìn ẹ̀ tí ojú ọ̀run fi ń dúdú. N'Ìbàdàn, oòrùn máa ń wọ̀ láàárín 6:20 sí 7:10, ó kù sí oṣù tó bá jẹ́. Wo ti ọjọ́ yẹn lórí fóònù. Àwọ̀ búlúù tó ń tẹ̀ lé e ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ kó tó ṣókùnkùn pátápátá. Kí kámẹ́rà ti wà nílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Wàá ti rí i pé àyè tó ju wákàtí kan lọ ṣófo lẹ́yìn aago 5. Má jẹ́ kó tàn ọ́. Ìdádúró tó bá ti àgbàlagbà wá lè bọ́ sínú àyè yẹn. Ti ọmọ ò lè bọ́ síbẹ̀, torí pé ó ti lọ. Nítorí náà, pinnu kí ọjọ́ tó pé ohun tí wàá jù sílẹ̀, kó o sì kọ aago sí i. Tó bá di 10:30 tí ojú ọmọ nínú síìnì 7 ò tíì wọlé, ẹ ya síìnì 1 pẹ̀lú ìdúró ọmọ kan ṣoṣo dípò méjì. Tí ẹ ò bá tíì kúrò ní Bódìjà ní 1:30, síìnì 3 di ẹ̀yìn ọmọ nìkan, èyí tí ọmọ arọ́pò lè ṣe nínú aṣọ kan náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti parí síìnì 4. Olùrànlọ́wọ́ rẹ ni kó mú aago yẹn dání, kì í ṣe ìwọ. Dáírẹ́kítọ̀ kì í fẹ́ gbà pé àkókò ti lọ.

Ọ̀rọ̀ Sunday kù. Ó dáa torí ọmọ ò sí nílé ìwé, télọ̀ ò sì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì ò ní dákẹ́ nítorí yín. Lọ jókòó ní pálọ̀ yẹn ní Sunday tó ṣáájú, láti aago 8 sí 12, kó o kọ ìgbà tí orin bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ìwàásù bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí wọ́n jáde. Ṣe bẹ́ẹ̀ ní Mọ́kọ́lá lọ́sàn-án, pẹ̀lú aago ìrun. Tó bá jẹ́ pé ariwo bo síìnì 1 mọ́lẹ̀ ní aago 11, pàṣípààrọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú 7 ò ní ràn ọ́ lọ́wọ́. Ohun tí wàá ṣe ni kó o gbé gbohùngbohùn kékeré sí àyà àwọn òṣèré, kó o sì tún gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́tọ̀, nínú yàrá tí wọ́n ti fi mátírẹ́ẹ̀sì dí fèrèsé, kété tí ẹ bá yà á tán, nígbà tí ẹnu ọmọ ṣì rántí bó ṣe sọ ọ́. Jẹnẹrétọ̀ náà, ẹ̀yìn ilé kejì ni kó wà, pẹ̀lú wáyà gígùn. Bá aládùúgbò sọ ọ́ láti ìsinsìnyí.

Tí òjò bá rọ̀ láàárọ̀, síìnì 2 nìkan ló kàn. Gbé okùn aṣọ náà wọ abẹ́ ìbòrí ẹ̀yìnkùlé, kó o fún kámẹ́rà mọ́ ọwọ́ ọmọ àti bùbá, ìyókù ètò náà ò yí padà.